Bí ẹ ṣe lè fi fótò mọ ìgbà tí wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó wà nílé yín

Ní Iléṣà níbí, tí ẹ bá wọ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òṣómàálọ̀ àtijọ́ kọ́, ó ṣòro kí ẹ má rí kọ́bọ́ọ̀dù dúdú kan ní pálọ̀ òkè, tàbí àga onígi kan tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Tí ẹ bá bèèrè pé ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀, wọ́n á ní ó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá àwọn. Báyìí àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ ti ń wá láti Èkó, oníkálùkù ń sọ tiẹ̀, èyí á ní ti ayé Ọbabìnrin Fitóríà ni, ìyẹn á ní iṣẹ́ Àgùdà ni, àwọn ọmọ ilé ò sì mọ èyí tí wọ́n á gbà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè fi fótò nìkan wò ó fúnra yín, pàápàá kọ́bọ́ọ̀dù tó ní dúrọ́ọ̀, torí inú dúrọ́ọ̀ gan-an ni ẹ̀rí pọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn ìwé tó ń kọ́ èèyàn nípa àga àtijọ́, ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n á sọ fún yín pé tí ìsopọ̀ dúrọ́ọ̀ bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi gé e, á jẹ́ pé ó ti wà ṣáájú kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà, ìyẹn láàrin 1860 sí 1890. Òótọ́ ni o, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Lọ́dọ̀ tiwa, káfíńtà tó ń fi ayùn ọwọ́ àti ṣísẹ́lì gé e ṣì wà ní Iléṣà àti Ifẹ̀ títí dòní, torí ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ò lè sọ ọjọ́ orí fún wa. Ohun tó ń sọ ọ́ níbí ni ohun tí káfíńtà ò lè ṣe fúnra ẹ̀: sikúrú, lọ́ọ̀kì, híńjì, hándù, gbogbo nǹkan tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Birmingham àti ibòmíì. Àwọn yẹn ló ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nínú wọn, èyí tó bá kéré jù lọ́jọ́ orí, tó sì jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kan kọ́bọ́ọ̀dù náà, òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ sọ pé ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya fótò tó wúlò

Ẹ má ya iwájú nìkan. Iwájú ni gbogbo èèyàn máa ń yà, iwájú náà ló sì máa ń tan èèyàn jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń kùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹ yọ dúrọ́ọ̀ kan síta pátápátá, ẹ ya igun ẹ̀ níbi tí pákó iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ ti pàdé, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kí ẹ ya ìdí ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ya inú pákó iwájú níbi tí ẹ̀yìn hándù ti yọ sí. Ẹ ní kí ẹnìkan bá yín fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri díẹ̀ kí ẹ lè ya ẹ̀yìn ẹ̀. Ó wá ku híńjì, lọ́ọ̀kì àti abẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ gba fóònù kejì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé ara pákó, ibẹ̀ ni òjìji máa ti jáde níbi gbogbo tí ayùn tàbí ìfági ti kọjá, ohun tí ojú ò rí ní ọ̀sán gangan fótò á rí i. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ń yà. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan lórí Wásáàpù, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fótò lásán, torí Wásáàpù máa ń fún fótò pọ̀, gbogbo ìlà wẹ́wẹ́ tí à ń wá á sì parẹ́.

Ẹ tún yọ sikúrú kan ṣoṣo, láti ara híńjì tó wà nínú, pẹ̀lú sikudiráfà tí ẹnu ẹ̀ ṣe déédéé ojú sikúrú náà. Tó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ lọ gbìyànjú òmíràn. Tó bá jáde, ẹ yà á ní ẹ̀gbẹ́ kí ẹnu ẹ̀ hàn, kí ẹ tún ya orí ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìsopọ̀ igi

Igun dúrọ́ọ̀ ni ẹ máa rí ohun tí àwọn káfíńtà ń pè ní dófútẹ̀ẹ̀lì, eyín pákó kan tó wọ àárín eyín pákó kejì, tí ẹnu eyín náà fẹ̀ ju ìdí ẹ̀ lọ kó má baà fà yọ. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi gé e, eyín yẹn ò ní dọ́gba, ọ̀kan á fẹ̀ díẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ sì máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi irin fà sára pákó kí wọ́n tó gé e, ìlà yẹn sábà máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀. Nígbà míì ayùn á ti kọjá ìlà náà díẹ̀. Ti ẹ̀rọ dọ́gba délẹ̀, eyín àti àlàfo ẹ̀ rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irú kan tún wà tó rí bí ìdajì òṣùpá, tí igi róbótó kékeré wà láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ló ṣe ìyẹn láàrin bíi 1870 sí 1900, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i, kò tún sí àríyànjiyàn.

Ohun tí ìsopọ̀ máa sọ fún yín níbí ni ẹni tó kan án, kì í ṣe ìgbà tó kan án. Ẹ wo igi tí wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀, kì í ṣe ti iwájú. Káfíńtà ìlú òyìnbó á fi igi tó wà nítòsí ẹ̀ ṣe ibi tí ojú ò ní rí, bíi óòkù tàbí páìnì funfun. Tí ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù bá jẹ́ ìrókò tàbí òmọ, ibí ni wọ́n ti kàn án, kódà kí iwájú ẹ̀ rí bíi ti ààfin Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìrókò máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń dúdú sí i bí ó ṣe ń pẹ́, nígbà míì ẹ máa rí nǹkan funfun líle bíi ṣọ́ọ̀kì tó há sínú ẹ̀. Fótò lè tan èèyàn lórí àwọ̀ o, torí ẹ̀ ẹ ya ibi tí wọn ò kùn rí, abẹ́ dúrọ́ọ̀ ló dáa jù.

Àmì ayùn náà wà. Tó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba, àwọn lágilàgi ló fi ayùn gígùn là á lórí kòtò, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́ gan-an lọ́dọ̀ wa, torí ẹ̀ kò sọ ọdún. Tó bá jẹ́ ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ bí apá kan òbìrí, ayùn róbótó tó ń yí ló gé e, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀ nílùú òyìnbó pàápàá kó tó di bíi 1830. Tí ìdí dúrọ́ọ̀ tàbí ẹ̀yìn bá jẹ́ píláíwúùdù, kò tún sí ọ̀rọ̀ Fitóríà mọ́, àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn ogun Hítílà ni píláíwúùdù tó pọ̀ dé, nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní Sápẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọnà ara ẹ̀, ẹ má pẹ́ níbẹ̀ púpọ̀

Ọnà ni gbogbo èèyàn ń wò, òun ló sì lágbára ẹ̀rí tó kéré jù. Ẹsẹ̀ àga tó dà bí èékánná ẹyẹ tó di bọ́ọ̀lù mú, ọ̀rúndún kejìdínlógún ló gbajúmọ̀ ní Ìlú Ọba, ayé Thomas Chippendale tó gbé ìwé àwòrán àga jáde ní 1754, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe é lábẹ́ Fitóríà, wọ́n tún ṣe é láàrin ogun àgbáyé méjèèjì, káfíńtà wa sì ń ṣe é dòní. Òpó tó lọ́ bí okùn, ní Ìlú Ọba láti àwọn ọdún 1660 ni, ó sì tún padà wọ́pọ̀ gan-an ní àwọn ọdún 1920 àti 1930. Ohun tí ọnà ń sọ kò ju ìgbà tí ó kọ́kọ́ lè wà lọ. Kò sọ ìgbà tí wọ́n kan ti yín.

Àwọn Àgùdà tó padà wá láti Bùràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, káfíńtà àti bíríkìlà pọ̀ nínú wọn, Èkó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, àṣà wọn sì wọ ìlú òkè, ẹ ẹ́ rí i lára fèrèsé àti ilé àtijọ́ Iléṣà. Ìyẹn ò sọ gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù olódòdó di iṣẹ́ Àgùdà.

Ohun tí ẹ lè fi fótò ṣe ni pé kí ẹ gbé ọnà apá òsì àti ti apá ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ewé kan á sanra ju èkejì lọ, ìjìnlẹ̀ ẹ̀ á sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì. Ti ẹ̀rọ á dọ́gba, kò sì ní jìn. Ẹ tún wò ó bóyá ìlà kan yí ọnà náà ká, torí nígbà míì wọ́n gbẹ́ ẹ lọ́tọ̀ ni wọ́n sì fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: irin

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara sikúrú tí ẹ yọ. Kó tó di bíi 1850, sikúrú kì í ní ẹnu ṣóńṣó, ẹnu ẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu ihò sílẹ̀ fún un, ojú tó wà lórí ẹ̀ tí sikudiráfà ń wọ̀ kì í sì í sábà wà láàrin gangan torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé e. Ní 1846 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń ṣe sikúrú ẹlẹ́nu ṣóńṣó ní Amẹ́ríkà, ní 1854 ilé iṣẹ́ Nettlefold gbé e dé Birmingham, láti ibẹ̀ ló ti kárí ayé. Torí ẹ̀ ẹnu ṣóńṣó túmọ̀ sí lẹ́yìn 1846, kò sí bó ṣe lè ṣáájú ẹ̀. Tí ojú sikúrú bá wá jẹ́ onírààwọ̀, tó ní ìlà méjì tó dábùú ara wọn, ìyẹn ti jẹ́ lẹ́yìn àárín àwọn ọdún 1930.

Ìṣó róbótó tó dán, irú tí à ń rà lọ́jà báyìí, láti bíi 1880 sí 1890 ló ti wọ́pọ̀. Ìṣó onígun mẹ́rin kò fi gbogbo ara jẹ́ ẹ̀rí lọ́dọ̀ wa, torí alágbẹ̀dẹ lè rọ ọ́ nígbà tó bá wù ú.

Ẹ wá wo ara lọ́ọ̀kì àti ẹ̀yìn hándù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún díẹ̀, ẹ má fi nǹkan họ ọ́. Tí ẹ bá rí adé ọba pẹ̀lú VR, ayé Fitóríà ni, 1837 sí 1901. Tí ẹ bá rí Rd No àti nọ́ńbà, ẹ ti jẹ tẹ́tẹ́ yẹn, torí ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwòrán ọjà ní Ìlú Ọba ni, láti 1884 ni wọ́n ti ń kà á lọ láìdúró. Nígbà tí 1900 bẹ̀rẹ̀ wọ́n ti dé nǹkan bíi 351,000, nígbà tí 1920 bẹ̀rẹ̀ wọ́n ti dé nǹkan bíi 673,000, 1930 sì bá wọn ní nǹkan bíi 751,000. Tó bá jẹ́ Made in England nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀rúndún ogún ló ṣeé ṣe jù. Ẹ rántí pé nọ́ńbà yẹn ń sọ ọdún tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lè máa ṣe hándù kan náà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ó sì lè pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kó tó dé ọwọ́ káfíńtà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí lára wọn ló ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

Tí ẹ bá fo èyí, gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe á di òfo. Ẹ wo inú pákó iwájú dúrọ́ọ̀. Tí ihò míì bá wà tí wọ́n dí, yàtọ̀ sí ihò tí hándù wà nínú ẹ̀ báyìí, wọ́n ti pààrọ̀ hándù. Níwájú náà, ibi tí hándù àtijọ́ bò kì í dúdú bí ibi tó kù, ẹ máa rí òjìji ẹ̀ lábẹ́ fánìṣì. Lọ́ọ̀kì tí kò kún ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un, tí wọ́n fi pákó kékeré há ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àlejò ni. Híńjì tó kéré ju ojú ibi tí wọ́n gé fún un lọ náà, bákan náà.

Ọ̀kan tí a wò láìpẹ́

Ìdílé kan ní àdúgbò Ìsọ̀kùn ní Iléṣà níbí fi fótò kọ́bọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí mi, dúrọ́ọ̀ méjì lókè, ilẹ̀kùn méjì nísàlẹ̀, òpó tó lọ́ bí okùn ní igun iwájú méjèèjì. Ìtàn ilé ni pé bàbá ńlá wọn rà á ní Èkó ní 1860 tó sì gbé e wálé. Ẹni tó fẹ́ rà á gbà pẹ̀lú wọn, ó ní òpó yẹn nìkan tó ẹ̀rí. Ìtàn yẹn ti kọ́kọ́ mú kí n fura, torí Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà ní 1870, àwọn èèyàn fọ́n ká, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá báyẹn ò ní rọrùn láti yọ nínú ogun. Ojú irin pàápàá ò dé Òṣogbo títí di 1907. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, mo ní kí wọ́n ya inú ẹ̀ fún mi.

Igun dúrọ́ọ̀: ọwọ́ ni wọ́n fi gé e, eyín marùn-ún tí kò dọ́gba, ìlà irin wà níbẹ̀ gbangba. Ẹni tó fẹ́ rà á ti ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ jẹ́ ìrókò, nǹkan funfun yẹn há sí ibì kan níbẹ̀, ìdí dúrọ́ọ̀ jẹ́ pákó gidi tí kì í ṣe píláíwúùdù. Nítorí náà káfíńtà ibí ni, eyín tí kò dọ́gba yẹn ò sì mú wa padà sẹ́yìn níwọ̀n ọdún kan. Àmì ayùn tó tẹ̀ kọrọdọ wà ní inú pákó ẹ̀yìn, ìyẹn wulẹ̀ sọ pé pákó náà kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ ni.

Híńjì ilẹ̀kùn òsì ní sikúrú onírààwọ̀ méjì. Ọmọ ilé ti bẹ̀rù pé gbogbo ẹ̀ ti di ti àná. Rárá o, ẹ wo ihò ẹ̀ dáadáa nínú fótò, igi tó wà níbẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi igi kékeré dí i kí wọ́n tó dé sikúrú tuntun, nígbà tí ti ilẹ̀kùn ọ̀tún ṣì jẹ́ onílà kan, ipata ẹ̀ sì ti wọ inú igi. Àtúnṣe ni ti òsì, a ò ka ìyẹn mọ́. Èyí tí wọ́n yọ ní apá ọ̀tún ní ẹnu ṣóńṣó, ojú ẹ̀ wà láàrin gangan. Lẹ́yìn 1846 nìyẹn, 1860 ṣì lè dúró.

Ẹ̀yìn hándù ló wá parí ọ̀rọ̀. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì ẹ̀, wọ́n nù ún, Rd No jáde pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ láti 68. Ìyẹn bọ́ sí bíi 1921 sí 1922. Mo ní kí wọ́n ya inú dúrọ́ọ̀ méjèèjì fún mi, ihò méjì péré ló wà fún hándù kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí wọ́n dí, kò sì sí òjìji hándù míì níwájú. Hándù yẹn àti kọ́bọ́ọ̀dù jọ bẹ̀rẹ̀ ni. Kò lè ṣáájú 1921, ìyẹn sì bá òpó tó lọ́ bí okùn mu wẹ́kú, torí àkókò tí àṣà yẹn padà wá nìyẹn. Ìparí ẹ̀ ni ò dájú tó bẹ́ẹ̀: àìsí píláíwúùdù àti àìsí sikúrú onírààwọ̀ níbi tí wọn ò tún ṣe ń tọ́ka sí ṣáájú ogun Hítílà tàbí kété lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà lè ní sikúrú àtijọ́ nínú àpótí ẹ̀. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí wọn ni: káfíńtà ilẹ̀ wa, ìrókò, láàrin bíi 1922 sí 1950, hándù ìlú òyìnbó, híńjì òsì ti di àtúnṣe. Bóyá bàbá ńlá ni àbí ọmọ ẹ̀ ló rà á, àwọn ló máa yanjú ìyẹn láàrin ara wọn.

Tó bá jẹ́ àga ni

Ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ àga ò ní dúrọ́ọ̀, torí ẹ̀ ẹ dojú ẹ̀ dé kí ẹ ya abẹ́ ẹ̀. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ àti igi ìjókòó ti pàdé. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin tí ahọ́n igi kejì wọ̀ ọ́, ọwọ́ lè ṣe é nígbàkígbà. Tí ẹ bá rí igi róbótó méjì tó dọ́gba níbi tí ìsopọ̀ ti ṣí díẹ̀, iṣẹ́ fáktírì ló sábà máa ń jẹ́, láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá. Nínú ìjókòó, sípíríǹgì irin ò wọ́pọ̀ ṣáájú bíi 1830, fóòmù sì jẹ́ ti lẹ́yìn ogun Hítílà, ṣùgbọ́n ìjókòó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tún ṣe lára àga, ẹ má fi fóòmù dá a lẹ́jọ́. Ẹ wá lẹ́tà PWD, ìyẹn Public Works Department, tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sábẹ́ ẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ló ni irú àga bẹ́ẹ̀.

Tí káfíńtà bá fẹ́ bá yín tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo fótò yìí. Ẹ má jẹ́ kó fi sáńpépà họ inú dúrọ́ọ̀ àti ẹ̀yìn, àmì ayùn àti ìlà irin máa lọ níbẹ̀. Sikúrú àti hándù tó bá yọ, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ibi tó ti yọ ọ́ sí ara ọ̀rá náà kí ẹ sì so ó mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.